Owó tó wọ akáǹtì kọ́ ni owó tí mo pa

1/ Ẹ̀yin dìsáínà ẹgbẹ́ mi, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́tà dé bá mi láti ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ wa. Wọ́n ní ₦6,400,000 ló wọ akáǹtì mi lọ́dún 2024, ₦2,100,000 péré ni mo sì kọ sílẹ̀ pé mo pa. Kí n wá ṣàlàyé ìyókù.

2/ Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣe bí ẹni tí ò rí i. Mi ò fara mọ́ ọn. Tí o bá dákẹ́, òfin gbà wọ́n láyè láti fojú díwọ̀n ohun tí wọ́n rò pé o pa, kí wọ́n sì bu owó orí lé e. Tí ìwé yẹn bá ti dé, ọjọ́ 30 péré lo ní láti kọ̀wé takò ó.

3/ Ẹlòmíì á kọ ojú ewé mẹ́ta: ẹ ṣàánú mi, ìlú le. Ìyẹn kì í ṣe èsì. Ohun tí wọ́n ń béèrè ò ju pé ta ló san án, torí kí ni, ẹ̀rí dà? Torí náà, ìlà kan fún owó kan: ọjọ́, iye, ẹni tó san án, ìdí, ẹ̀rí.

4/ Tèmi rè é. ₦1,150,000 ni mo fi ránṣẹ́ sí ara mi láti báńkì mi kejì. Sítéètìmẹ́ǹtì méjèèjì ni ẹ̀rí. ₦600,000 ni àjọ tí mo kó, owó tí mo ti dá ló padà wá. Káàdì àjọ wà ńbẹ̀. ₦350,000 ni ẹ̀gbọ́n mi yá mi kí n fi ra kọ̀ǹpútà. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n fọwọ́ sí i.

5/ Owó ìtẹ̀wé ló máa ń dojú rú fún wa jù. Kọ́sítọ́mà san ₦1,800,000 kí n bá wọn tẹ bánà. Díẹ̀ ló kù kí n kọ ọ́ pé ti onítẹ̀wé ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ₦1,650,000 ló wà lórí rìsíìtì onítẹ̀wé. ₦150,000 tó kù, èrè mi ni, owó orí sì wà lórí ẹ̀.

6/ Tí a bá yọ gbogbo ìyẹn, ₦2,650,000 ló kù. Ìyẹn ni pé ₦550,000 ni mi ò kọ sílẹ̀: èrè ìtẹ̀wé yẹn, àti ₦400,000 iṣẹ́ lógò kan tí wọ́n san ní Disẹ́ńbà, tí mo gbàgbé. Mo kọ ọ́ sínú èsì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé orí mi pé? Mo ní tó bá jẹ́ àwọn ló fúnra wọn rí i, ta ló máa gba ọ̀rọ̀ àjọ mi gbọ́ mọ́?

7/ Ó dùn mí pé wọ́n ka gbogbo owó tó wọlé sí owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo da owó iṣẹ́, àjọ àti owó ẹbí pọ̀ sójú kan. Mo ti ṣí akáǹtì míì fún iṣẹ́ nìkan. Mo mú èsì lọ fúnra mi, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tèmi. Ẹ má fi ọ́fíìsì wọn sílẹ̀ láì gba òǹtẹ̀ yẹn o.