Kí Wọ́n Tó Pa Windows.old Rẹ́

Láti ọwọ́ òǹkọ̀wé wa ní Peckham

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ dúró sórí rẹ̀ ní láti forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ààbò tó ní gbèdéke. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó bọ́ sórí Windows 11, bí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ bá lè gbà á. Ẹni tó bá bọ́ síbẹ̀ yóò rí i pé dísìkì rẹ̀ kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fódà tuntun kan ti wà ní `C:\`, orúkọ rẹ̀ ni `Windows.old`, ó sì sábà máa ń gba gígábáìtì 10 sí 30.

Àwọn kan á pa á rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an nítorí pé àyè ń há wọn mọ́. Àwọn mìíràn á fi í sílẹ̀, wọ́n á ní bí nǹkan bá sọnù lọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ làwọn á ti wá a. Ìhà méjèèjì ló léwu. Kì í ṣe iye ọjọ́ tó ti kọjá ló yẹ kó pinnu ìgbà tí fódà náà máa lọ, bí kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti fi Windows tuntun náà ṣe láṣeyọrí.

Ká ní aránṣọ kan wà ní Rye Lane tó ń rán aṣọ ẹbí, tó sì ń fi ẹ̀rọ mọ́nógíráàmù kọ orúkọ sára fìlà àti aṣọ. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ní dísìkì gígábáìtì 128, èyí tí Windows máa ń kà sí 119. Lẹ́yìn ìyípadà, `Windows.old` gba 24 nínú rẹ̀, àyè tó ṣẹ́ kù kò ju 9 lọ. Ọwọ́ rẹ̀ á ti máa yún un láti tẹ Delete.

Ohun tí ì bá pa rẹ́ nìyí: Windows 10 rẹ̀ látòkè délẹ̀. Fódà `Windows` àtijọ́ wà níbẹ̀, àwọn ètò tó fi ń ṣiṣẹ́ wà nínú `Program Files` àti `ProgramData`, fódà `Users` náà sì wà níbẹ̀. Òun ni kọ̀ǹpútà máa ń lò nígbà tí wọ́n bá wọ Settings, tí wọ́n lọ sí System, lẹ́yìn náà Recovery, tí wọ́n sì tẹ Go back. Ẹni tó bá padà lọ́nà yìí kò ní pàdánù fáìlì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ètò tó bá fi sórí ẹ̀rọ lẹ́yìn ìyípadà yóò lọ, àyípadà tó ṣe nínú Settings náà yóò sì lọ. Bí `Windows.old` ò bá sí mọ́, bọ́tìnnì Go back kò ní ṣeé tẹ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ padà ní láti nu dísìkì, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni àǹfààní yìí fi ń wà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni tẹ́lẹ̀, kí Microsoft tó gé e kù lọ́dún 2016. Bí ọjọ́ mẹ́wàá náà bá ti pé, Windows fúnra rẹ̀ yóò pa fódà náà rẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi í pamọ́ bí àkójọ ẹrù wọn fi ń tan ara wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orí dísìkì kan náà ló wà pẹ̀lú ohun gbogbo yòókù. Bí dísìkì bá kú, méjèèjì ló kú.

Ọjọ́ mẹ́wàá kò tó fún oníṣòwò, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ wà. Aránṣọ wa lè ṣí ètò mọ́nógíráàmù rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kó rí i pé ó ṣí dáadáa, kó sì rò pé ó parí. Àmọ́ ṣíṣí ètò kò fi hàn pé ẹ̀rọ ń gbọ́ràn. Ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní díráfà ló ń jẹ́ kí Windows bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n sì kọ fún Windows 10 lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí 11. Àfi kó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ní tòótọ́, kí abẹ́rẹ́ gún aṣọ, kó tó mọ̀. Bákan náà ni pírińtà: ìwé gbọ́dọ̀ jáde. Ní ti ìṣirò owó tó máa ń ṣe ní ìparí oṣù, ó lè má bọ́ sínú ọjọ́ mẹ́wàá náà rárá. Ọjọ́ kejìdínlógún ló lè tó rí i pé ètò ìṣirò kò ṣí, nígbà tí ọ̀nà àtipadà ti dí.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe lẹ́yìn ìyípadà ni kó sún gbèdéke náà síwájú. Ọjọ́ 60 ni ó pọ̀ jù tí Windows gbà. Wọ́n á ṣí Command Prompt pẹ̀lú Run as administrator, kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ iye ọjọ́ tó wà nílẹ̀, ìkejì ń yí i padà:

```
DISM /Online /Get-OSUninstallWindow
DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:40
```

Ogójì ọjọ́ máa ń gba ìparí oṣù kan ó kéré tán. Bí àyè bá ń há a mọ́ láàárín àkókò náà, àwọn fọ́tò àti fídíò oníbàárà ni kó kó lọ sórí dísìkì ìta, kó má fọwọ́ kan `Windows.old`.

Ọ̀ràn kan tún wà tó burú ju èyí lọ. Bí wọ́n bá yan Keep personal files and apps nígbà ìyípadà, àwọn ìwé rẹ̀ yóò wà ní `C:\Users` bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yan Nothing, tàbí tí atúnkọ̀ǹpútà bá fi fláàṣì gbé Windows tuntun lé dísìkì tí kò kọ́kọ́ nù, inú `Windows.old\Users` nìkan ni ìwé, fọ́tò àti àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ máa wà. Àmì rẹ̀ ni pé Desktop á ṣófo, àwọn ètò àtijọ́ á sì ti pòórá. Kí ó ṣí fódà náà, kó tẹ Continue bí Windows bá béèrè àṣẹ, kó wo Desktop, Documents, Pictures àti Downloads lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì da ohun tó bá wà níbẹ̀ kọ sórí dísìkì ìta lọ́jọ́ náà. HMRC, àjọ owó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń béèrè pé kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kínní tí wọ́n fi lélẹ̀ fún ìwé owó orí ọdún náà. Atúnkọ̀ǹpútà tó bá pa fódà yìí rẹ́ láìbi oníbàárà ti ṣe ohun tí kò tọ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ ti ránṣọ, tí pírińtà ti tẹ̀wé, tí ìṣirò oṣù ti parí, tí kò sì sí ohunkóhun mọ́ ní `Users` àtijọ́ tí kò sí níbòmíràn, kó pa á rẹ́ láìbẹ̀rù. Kó má ṣe é láti inú File Explorer, nítorí Windows ló ni ọ̀pọ̀ fáìlì ibẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n lọ. Inú Settings ni: System, Storage, Temporary files. Kó fi àmì sí Previous Windows installation(s), kó sì tẹ Remove files. Downloads náà máa ń wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Fódà ìgbàsílẹ̀ tí ó ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo àwòrán iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́. Kó rí i dájú pé kò sí àmì níwájú rẹ̀.