Ìdí Tí A Fi Yọ Ẹ̀gbọ́n Wa, Àti Ìdí Tí A Kò Fi Yọ Wọ́n Ní Ìdákẹ́jẹ́

Ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan lóṣù tó kọjá, a yọ ẹnì kan kúrò nínú gúrúùpù Wásáàpù ẹ̀ka wa. Kì í ṣe àjèjì. Ẹ̀gbọ́n wa ni, wọ́n ti kàwé jáde kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó wọlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fóònù wa ti kún. Ẹnì kan bi wá pé, "Ṣé ẹ̀yin ọmọdé yìí náà ló wá ń lé àgbà?" Ẹlòmíràn ní, "Ó ti pẹ́ jù, oṣù tó kọjá ló yẹ kí ẹ ti ṣe é." A dá wọn lóhùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí èèyàn lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ tán lọ. Èrò tiwa ni pé yíyọ èèyàn kò le rárá, bọ́tìnnì kan ni. Àlàyé tí a ó ṣe fún àwọn tó ṣẹ́kù ni iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni àwa fúnra wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ṣubú.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń fi ránṣẹ́ ni ìpolówó ìdókòwò kan tó ní òun yóò sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Àwòrán kan náà, líǹkì kan náà: ní ìdájí, ní ọ̀sán, ní alẹ́. Nígbà tí a jókòó kà á, a rí 58 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun méjì péré ni wọ́n sọ yàtọ̀ sí i: wọ́n kí ẹnì kan kú ọjọ́ ìbí, wọ́n sì bá ẹnì kan kẹ́dùn. A jiyàn díẹ̀ lórí orúkọ tí a ó máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ (ẹ mọ̀ wá), a sì fẹnu kò sí "àtẹ̀jíṣẹ́ àìpè." Ìpolówó fúnra rẹ̀ kò bí wa nínú. Ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ máa ń polówó kọjá lójúde wa, bí a kò bá sì pè é, á gba ojúde ẹlòmíràn lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ àìpè kì í kọjá. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni ni.

Àwọn kan ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ kà á fò ó. A kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni aṣojú kíláàsì kọ ọ́ sínú gúrúùpù láàárọ̀ kùtù pé wọ́n ti yí gbọ̀ngàn ìdánwò padà, ìpolówó mẹ́rin sì gun orí ọ̀rọ̀ náà kí agogo méje tó lù. Èèyàn mẹ́ta ló lọ sí gbọ̀ngàn àtijọ́. Èyí tó dùn wá jù ni ti àbúrò wa kan tó wà ní ọdún kejì. Ó fi ₦45,000 tó fẹ́ fi san owó ilé síbẹ̀. Nígbà tí a bi í pé kí ló dé, ó ní, "Inú gúrúùpù wa ni mo ti rí i, mo rò pé ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ni." Gbólóhùn yẹn ló yí ọkàn wa padà. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà nínú gúrúùpù lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí alábòójútó kò sọ̀rọ̀, àwọn tó ń wò yóò rò pé alábòójútó fọwọ́ sí i.

Kì í sì í ṣe pé a kò rí irú rẹ̀ rí. Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn. CBEX náà ṣèlérí ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn tó fi owó síbẹ̀ kò lè yọ ọ́ mọ́. Bákan náà ni gbogbo wọn ń ṣe iṣẹ́: owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó ti wà níbẹ̀, ẹni tó ti wà níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa mú èèyàn tuntun wá. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbà pé olè ni ẹ̀gbọ́n wa. Owó tiwọn náà há síbẹ̀, àwa ni wọ́n fẹ́ fi yọ ọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a pè wọ́n lórí fóònù, kì í ṣe lórí Wásáàpù. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń gba àkántì Wásáàpù mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nípa títan onítọ̀hún kó ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọ inú gbogbo gúrúùpù rẹ̀, wọ́n á sì máa fi orúkọ rẹ̀ polówó. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí a bá kọ̀wé sórí Wásáàpù ẹ̀gbọ́n, olè náà ni yóò máa dá wa lóhùn, ìkìlọ̀ wa kò sì ní dé ọ̀dọ̀ oníǹkan. Ẹni tí wọ́n gba àkántì rẹ̀ nílò ìrànlọ́wọ́, kò yẹ ní ẹni tí à ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n gbé fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Èmi ni o. Ẹ̀yin náà ẹ wọlé kí ẹ jẹun." A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá a dúró. Ọjọ́ 9 nìyẹn. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ méjì.

Láàárín àkókò yẹn a gbìyànjú ọgbọ́n méjì tí kò ṣiṣẹ́. Alábòójútó lè pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́ fún gbogbo èèyàn, a sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jí ní ìdájí ti rí i ná, àmì pé a pa nǹkan rẹ́ sì máa ń kù sílẹ̀, èyí tó mú kí àwọn mìíràn máa béèrè ohun tí à ń fi pamọ́. Lẹ́yìn náà a ti gúrúùpù pa, tó fi jẹ́ pé alábòójútó nìkan ló lè kọ̀wé síbẹ̀. Ọjọ́ kejì la ṣí i padà. Ẹnì kan tí bàbá rẹ̀ kú kò rí ibi sọ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ̀, a wá fìyà jẹ gbogbo ilé.

A tún kìlọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí nínú ìwé tí a kọ sí wọn ní ìkọ̀kọ̀, a sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tún fi í ránṣẹ́. Wọ́n tún fi í ránṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Àwa alábòójútó mẹ́ta wá jókòó kọ ìkéde kí a tó yọ wọ́n. Ètò yìí ṣe pàtàkì, nítorí bí alábòójútó bá ti yọ èèyàn, Wásáàpù fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé lágbájá yọ tàmẹ̀dò, gbogbo ilé á sì rí i. Bí àlàyé kò bá tẹ̀ lé e kíá, àwọn èèyàn á fúnra wọn hun ọ̀kan. Ìkéde àkọ́kọ́ tí a kọ kò dára. Inú ń bí wa. A pè wọ́n ní oníjìbìtì, a dárúkọ àbúrò wa tó pàdánù owó, a sì fi "kí ẹlòmíràn lè kọ́gbọ́n" parí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa bèèrè pé, "Oníjìbìtì, ṣé a lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀?" A kò lè ṣe é. Ohun tí a mọ̀ ni iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti ọjọ́ tí a kìlọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìbanilórúkọjẹ́ lójú gbogbo ẹ̀ka ni. Ní ti àbúrò wa, kò rán wa pé ká ròyìn òun.

Èyí tí a wá kọ nìyí:

"Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Àwa alábòójútó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yọ Ẹ̀gbọ́n kúrò nínú gúrúùpù yìí lálẹ́ yìí. Ìdí rẹ̀ ni ìpolówó ìdókòwò kan náà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ léraléra, lẹ́yìn tí a ti bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ 9 àti ọjọ́ 17. Wọ́n ti mọ̀ kí a tó ṣe é. A kò sọ pé wọ́n jí owó ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fẹ́ padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, láìsí ìpolówó, kí wọ́n kàn sí wa. Wọ́n ṣì lè kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀. A kò lágbára lórí ìyẹn, ẹni tí kò bá fẹ́ ni yóò dínà nọ́ńbà wọn fúnra rẹ̀. Alábòójútó kò fọwọ́ sí ìdókòwò kankan tí ẹ bá rí níbí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó pè wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú wọn níbí."

A fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ná, a ní kí wọ́n wò ó bóyá irọ́ wà níbẹ̀. Ọjọ́ 16 la kọ sí ìkìlọ̀ kejì tẹ́lẹ̀. Wọ́n fèsì pé, "Ọjọ́ 17 ni. Agogo méjìlá òru ti kọjá." Òótọ́ ni wọ́n sọ, a tún un ṣe. Lẹ́yìn náà la tẹ bọ́tìnnì, a sì yí líǹkì gúrúùpù padà pẹ̀lú `Reset link`. Nọ́ńbà tí a bá yọ kò lè gba orí líǹkì wọlé mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ní nọ́ńbà kejì, líǹkì àtijọ́ sì ti wà káàkiri. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ìkéde fi jáde.

Àwọn àgbà méjì bínú kúrò nínú gúrúùpù lálẹ́ ọjọ́ náà. A pe àwọn méjèèjì. Ọ̀kan padà wá. Èkejì ní ohun tí a sọ kò burú, àmọ́ bóyá a tilẹ̀ kàn sí àgbà kankan kí a tó ṣe é? A kò kàn sí ẹnì kankan. Níbẹ̀, a jẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo ẹ̀ka ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu ì bá ti bá wọn sọ̀rọ̀, bóyá ọ̀rọ̀ náà kì bá tí dé orí bọ́tìnnì. Ẹlòmíràn bèèrè ẹni tí yóò máa ṣọ́ àwa alábòójútó. A ti fi ẹnì kan tó ti kàwé jáde kún wa báyìí, a kò sì ní yọ ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé ẹni yẹn gbà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni ìpolówó ń wọlé, ẹ̀ẹ̀kan fún ẹnì kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ra àdìrẹ lọ́wọ́ ọmọ ọdún kẹta kan.

Àbúrò wa kò tíì rí ₦45,000 rẹ̀ gbà. Ẹ̀gbọ́n pè é fúnra wọn, wọ́n ní àwọn yóò máa san án díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ti san ₦5,000. Ó ku oṣù méjì kí oṣù mẹ́ta wọn tó pé.