Àdúà Òru Fún Ẹni Tó Wà Ní Òkèèrè

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad.

Ọmọ ìyá mi tí o fi Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ sókè òkun, ìwọ kọ́ ló kọ́kọ́ rin ìrìn yìí. Àwọn bàbá wa ṣòwò ní Gánà, títí ìjọba Búsíà fi fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò, lóṣù kọkànlá ọdún 1969. Ànọ́bì Mùsá náà ti ṣe lébìrà nílùú onílùú rí.

Ìtàn rẹ̀ wà nínú Súrátùl Kọ́sọ́sì. Ó sá kúrò ní Íjíbítì, ó dé Mádíyánà láìmọ ẹnì kan. Ó bá obìnrin méjì fún ẹran wọn lómi, ó yà sábẹ́ ibòji, ó sì sọ fún Olúwa rẹ̀ pé oore yòówù tí Ó bá fún òun, òun nílò rẹ̀. Kò yan irú oore tí yóò jẹ́. Ohun tó rí gbà ni aya, àti iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá.

Nítorí náà, lóru tí àárò ilé bá ń sọ ọ́, dìde lọ ṣe àlùwàlá. Hádíìsì sọ pé ìdá kẹta tó kẹ́yìn òru ni Ọlọ́hun ń bèèrè ẹni tó ń pè É. Ka wákàtí láti Mọ̀gàríbì títí Súbúù yóò fi wọlé, kí o pín in sí mẹ́ta. Ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù, bí oòrùn bá wọ̀ laago mẹ́rin, tí Súbúù sì wọlé laago mẹ́fà, wákàtí mẹ́rìnlá ni òru. Ìdá tó kẹ́yìn yóò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Bí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kí o lè jí, kírun rákáà méjì àti Wítírì kí o tó sùn.

Lẹ́yìn tí o bá ti sálámà, tẹ́wọ́, kí o sọ ọ́ ní Yorùbá. Àwọn kan máa ń dákẹ́ nítorí pé wọn kò gbọ́ Lárúbáwá, Ọlọ́hun sì gbọ́ èdè Ìkìrun. Dárúkọ àwọn ọmọ rẹ àti màmá rẹ. Sọ owó ilé tó kù ọ́ kù, sọ ìwé tí o ń dúró dè.

Lójú tèmi, àdúà okun nìkan kò tó. Tọrọ ọ̀nà tí ẹ ó fi pàdé pẹ̀lú. Nígbà tí Mùsá parí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, òun àti ìdílé rẹ̀ ni wọ́n jọ rìn. Nígbà tí Sàyídínà Umar gbọ́ ohùn obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun, tí kò rí oorun sùn, ó bi Hafsa ọmọ rẹ̀ léèrè iye oṣù tí obìnrin lè fara dà á. Àwọn kan gbà á wá pé oṣù mẹ́rin ni ó dáhùn, àwọn mìíràn ní mẹ́fà. Umar sì fi gbèdéke sí ìrìn àwọn ọmọ ogun.

Nígbà tí aago kan bá kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù, aago méjì ti kọjá ní Ìnísà. Ó lè jẹ́ pé ìyàwó rẹ náà kò tíì sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, pè é, kí ẹ jọ mú oṣù kan pàtó tí ẹ ó fojú kan ara yín.