Mo Fi Ẹ̀sùn Kan Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ Ìbéèrè Kẹ́mísìrì

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ ìbéèrè ọ́bíjẹ́tíìfù fún ìdánwò ìparí táàmù, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. N ò bá yín jà lórí ìdáhùn tó tọ̀nà. Orí àwọn mẹ́ta yòókù tí kò tọ̀nà ni ẹjọ́ wà.

Ẹ̀sùn kìn-ín-ní ni pé ohun tó bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́ lẹ fi ń dí àyè. Ẹ wo ìbéèrè kan tí irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: a jó magnéṣíọ̀mù 2.4 gíráàmù tán pátápátá nínú ọ́síjìn, 2Mg + O₂ → 2MgO. Gíráàmù MgO mélòó ni a ó rí, bí Mg bá jẹ́ 24, tí O sì jẹ́ 16? Ìdáhùn ni 4.0. Kí lẹ wá kọ sí mẹ́ta tó kù? 0.4, 40 àti 400. Àmì dẹ́símà lẹ kàn ń sún kiri. Ọmọ tó bá mú 40, kò sí ohun tí ẹ rí kọ́ nípa rẹ̀ ju pé ó gbà á sódì.

Bẹ́ẹ̀, ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣìnà nínú ìṣirò yìí kò fara sin. Wọ́n á mọ̀ pé 2.4 gíráàmù jẹ́ 0.1 móòlù. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan rí 2 tó wà níwájú MgO, kò ka èyí tó wà níwájú Mg sí. Ó sọ 0.1 di 0.2, ó fi 40 sọ ọ́ di púpọ̀, ó rí 8.0. Òmíràn rò pé 0.1 móòlù Mg gbọ́dọ̀ bá 0.1 móòlù O₂ pàdé, ló bá ro 2.4 pọ̀ mọ́ 3.2, ó rí 5.6. Ẹnì kẹta ò tilẹ̀ gbà pé ohun kan ti inú afẹ́fẹ́ wọ inú eérú náà, nítorí náà 2.4 ni tirẹ̀. Ká ní 2.4, 5.6 àti 8.0 lẹ kọ síbẹ̀ ni, lẹ́tà tí ọmọ bá kùn ì bá tọ́ka síbi tó ti yà bàrá. Ẹni tó mú 8.0, ẹ ó tún ìtumọ̀ nọ́ńbà iwájú ìdọ́gba kọ́ ọ. Ẹni tó mú 2.4 kò nílò ìṣirò púpọ̀ sí i. Ẹ gbé e lọ sídìí sìkéèlì, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé ohun tó jó tán wúwo ju èyí tí ẹ fi iná sí lọ.

Ẹ̀sùn kejì: inú yàrá yín lẹ ti ń ro àṣìṣe fún ọmọ. Ní 1983, Roger Osborne àti Mark Cosgrove kọ̀wé nípa àwọn ọmọ Niú Sílàndì tí wọ́n bi pé kí ló wà nínú àwọn nǹkan róbótó tó ń rú sókè nínú omi tó ń hó. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ ni, àwọn kan ní ooru ni, àwọn mìíràn ní háídírójìn àti ọ́síjìn ni. Omi fúnra rẹ̀ tó ti di gáàsì ni. Olùkọ́ wo ló máa dá jókòó kó ronú kan “ooru” bí ìdáhùn? Ẹ béèrè ìbéèrè náà láìkọ A, B, C, D síbẹ̀, kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ẹ ṣà èyí tó wọ́pọ̀ jù, ẹ sì fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọmọ tó mú háídírójìn àti ọ́síjìn gbà pé híhó ń tú H₂O ká, bóyá nítorí pé àkọ́sórí ló fi mọ fọ́múlà náà.

Ẹ̀sùn kẹta ló dùn mí jù: ẹ ń fìyà jẹ ọmọ tó lójú inú. Kí omi tó hó, afẹ́fẹ́ tó ti yòrò sínú rẹ̀ máa ń jáde wẹ́wẹ́ lára ìkòkò. Bí ìbéèrè yín kò bá sọ pé omi náà ti ń hó fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó mú “afẹ́fẹ́” kò jẹ̀bi. Ohun tó ṣàkíyèsí ló kọ.

Ti “gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà” àti ìdáhùn gidi tó máa ń gùn ju ìyókù lọ, n ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn lórí wọn. Ẹ yéé ṣe é.

Ẹ̀sùn tó kẹ́yìn ni pé ẹ kì í ka lẹ́tà lẹ́yìn ìdánwò. Máàkì lẹ ń kà. Ìdáhùn tí kò tó ọmọ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó mú un ti kú. Ẹ yọ ọ́. Bí àwọn tó mọ̀wé jù bá ń mú ìdáhùn òdì kan ju àwọn tó kù díẹ̀ káàtó lọ, inú ìbéèrè ni ẹ ti máa wá àléébù. Ọmọ sì lè ṣèèṣì mú èyí tó tọ̀nà, nítorí ẹyọ kan nínú mẹ́rin ni. Èyí ló fi yẹ kí ẹ ṣe bí David Treagust ti Ọsirélíà ṣe là á kalẹ̀ ní 1988: lábẹ́ ìdáhùn, ẹ bi ọmọ ní ìdí tó fi mú un, kí àwọn ìdí tó máa yàn nínú wọn náà ti ẹnu àwọn ọmọ wá. Ìdáhùn àti ìdí gbọ́dọ̀ tọ̀nà pọ̀ kí ó tó gba máàkì.