Títa ọjà sí Nàìjíríà: ìṣirò tí ràpọ́ọ̀ àwọn ọmọ wa kì í ṣe



Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní yunifásítì máa ń gbé ràpọ́ọ̀ wọn wá fún mi pé kí n bá wọn wo Faransé inú rẹ̀ kí wọ́n tó lọ gbèjà rẹ̀. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ: bí ilé-iṣẹ́ kan níbí ṣe lè wọ ọjà Nàìjíríà. Wọ́n á ya tábìlì, wọ́n á kọ ọ̀nà mẹ́ta sí i. Àkọ́kọ́ ni pé ká ṣe ọjà níbí ká kó o ránṣẹ́. Èkejì ni lísáǹsì, ìyẹn ni pé ká yá ẹni kan lọ́hùn-ún ní orúkọ ọjà wa àti ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é, kó máa san owó orúkọ fún wa. Ẹ̀kẹta ni ilé-iṣẹ́ àjọdá, níbi tí àwa àti ará ibẹ̀ ti jọ da owó pọ̀. Àǹfààní mẹ́rin lápá ọ̀tún, àléébù mẹ́rin lápá òsì, wọ́n á wá parí rẹ̀ pé kálukú ọ̀nà ló ní ibi tó dára sí.

Èmi kò gbà pé ràpọ́ọ̀ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ṣòwò kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni iye tó máa wọlé, iye tó lè sọnù, àti ọwọ́ ẹni tí orúkọ ọjà máa wà bí ìjà bá dé. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é bó ṣe yẹ. Èmi ni mo fi orí ara mi ro iye owó inú rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àròsọ.

Ká sọ pé ìyá kan ní Àjàṣẹ́ ń fún omi ọ̀pẹ̀-òyìnbó sínú ìgò. Ìgò kan ń ná an ní 250 sẹ́fà. Ó fẹ́ máa ta 10,000 ìgò lóṣù ní Èkó. Ọkọ̀ àti ìnáwó ẹnubodè jẹ́ 60 sẹ́fà lórí ìgò kan, nítorí náà 310 ni ìgò náà fi dé ọwọ́ oníbàárà rẹ̀. Oníbàárà náà gbà láti san 500 náírà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdéhùn, 1,000 náírà jẹ́ 800 sẹ́fà, nítorí náà 500 náírà jẹ́ 400 sẹ́fà. Èrè 90 sẹ́fà ló wà lórí ìgò kan, ó di 900,000 sẹ́fà lóṣù. Ibí ni ràpọ́ọ̀ àwọn ọmọ máa ń dúró sí.

Ṣùgbọ́n gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti tú u sílẹ̀ kó máa wá ìpele ara rẹ̀. Sẹ́fà tiwa so mọ́ yúrò, kì í yẹ̀, 655.957 fún yúrò kan. Bí náírà bá ṣubú títí 1,000 rẹ̀ fi di 400 sẹ́fà, 500 náírà yẹn ti di 200. Ìyá wa ti ná 310. Ó ń pàdánù 110 lórí ìgò kọ̀ọ̀kan, 1,100,000 sẹ́fà lóṣù, oníbàárà kò sì jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Ó san gbogbo ohun tó ṣèlérí.

Ẹni tó bá ń kó ọjà ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé sẹ́fà ni iye ọjà, tàbí kó gba ìdajì owó kí ọkọ̀ tó gbéra. Oníbàárà tó bá kọ méjèèjì ń sọ fún un pé òun ni yóò ru gbogbo ewu náírà.

Ti ẹnubodè tún wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń kọ ọ́ pé Sédéáò ti mú owó ibodè kúrò láàárín wa. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ní bó ṣe rí. Ọ̀pẹ̀-òyìnbó tútù, bí wọ́n ṣe já a lóko, lè kọjá láìsí ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá. Tó bá ti di omi inú ìgò, ó ti di ọjà ilé-iṣẹ́ nìyẹn: Sédéáò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ilé-iṣẹ́ náà àti ọjà náà, kí ìwé ẹ̀rí tó jáde. Lẹ́yìn èyí, ó tún nílò nọ́ńbà Náfídáàkì kó tó lè wà lórí tábìlì ní Èkó. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà ló máa ń bá ilé-iṣẹ́ òkèèrè gba nọ́ńbà yìí, pẹ̀lú ìwé agbára tí ilé-iṣẹ́ fún un. Ẹ fi ojú sí ibẹ̀ dáadáa. Bí ìyá wa bá bá oníbàárà yìí jà lọ́la, ọ̀dọ̀ oníbàárà ni ìwé náà wà, ìyá wa á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé tó ṣí ẹnubodè láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ẹni tó ní ìwé àti ẹni tí kò ní jọ dúró ní Sẹ̀mẹ̀ ni.

Ó yá, ká wo lísáǹsì. Ìyá wa kò kó ìgò kankan kọjá mọ́. Ẹni kan ní Èkó tó ti ní ẹ̀rọ ń fún omi náà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ó ń tà á ní 500 náírà, ó ń san 4 nínú 100 fún un. 20 náírà lórí ìgò kan nìyẹn. Tó bá ta 10,000 ìgò, 200,000 náírà ni, 160,000 sẹ́fà nígbà tí náírà dára, 80,000 nígbà tó ṣubú. Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ 900,000 ti àkọ́kọ́, ó kéré púpọ̀. Àmọ́ kò sí oṣù tí ìyá wa máa pàdánù, nítorí kò ná nǹkan kan sórí ìgò yẹn. Bí ará Èkó bá sì lè ta 40,000, kò sí owó ọkọ̀ tí yóò pọ̀ sí i fún ìyá wa. Ohun tí tábìlì àwọn ọmọ ò fi hàn ni pé èrè nìkan kọ́ ni ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì, bí kò ṣe ẹni tí ìṣubú náírà máa bá.

Ewu lísáǹsì wà níbòmíràn, orí orúkọ ló wà. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò wa ló ti fi orúkọ ọjà wọn sílẹ̀ ní Òápì, àjọ tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yàúńdé. Wọ́n rò pé ó ti parí. Bẹ̀nẹ̀ wà nínú Òápì, Tógò wà níbẹ̀, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ìwé Òápì kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gba orúkọ kan náà ní Àbújá. Bí ará Èkó bá lọ fi orúkọ ìyá wa sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, ìyá wa fúnra rẹ̀ ni wọn yóò máa pè ní ayédèrú lọ́jọ́ tó bá tún fẹ́ tajà níbẹ̀. Nítorí náà, kí ó gba orúkọ náà ní Àbújá kó tó fi ìgò kan ṣoṣo han ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ràpọ́ọ̀ tí kò bá sọ èyí kò ì tíì bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi.

Àdéhùn lísáǹsì náà gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì Nótáàpù ní Nàìjíríà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Tí kò bá dé ibẹ̀, báńkì kò ní lè fi owó orúkọ ránṣẹ́ síbí ní ọ̀nà tó tọ́. Ìbéèrè tó kù ni báwo ni ìyá wa ṣe máa mọ iye ìgò tí wọ́n tà. Ẹni tó ń san owó ló ń ka ìgò! Ọ̀nà tí mo rí tó dára jù ni kí ìyá wa máa tẹ étíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, kó máa tà á fún wọn, kó sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìgò tí kò ní étíkẹ́ẹ̀tì òun kì í ṣe ọjà òun. Bí ó bá ta 40,000 étíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì sọ pé 15,000 ìgò ni wọ́n tà, ó mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kókà-Kólà náà ń ṣe ohun tó jọ ọ́: òun ló ń ta èròjà tó nípọn fún àwọn tó ń dà á sínú ìgò.

Ilé-iṣẹ́ àjọdá ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, bóyá nítorí pé ó dún bí ọ̀rọ̀ ńlá. Ilé-iṣẹ́ tí àlejò bá ní ìpín nínú rẹ̀ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní owó ìpìlẹ̀ tí kò dín ní 100 mílíọ̀nù náírà. Bí ìyá wa bá gba ìpín 40 nínú 100, 40 mílíọ̀nù náírà ni ìpín rẹ̀. Ní 400 sẹ́fà fún 1,000, ó di 16 mílíọ̀nù sẹ́fà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wa, èrè oṣù méjìdínlógún nìyẹn nígbà tí gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Báńkì sì gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ẹ̀rí pé owó náà wọlé láti òkèèrè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èrè rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde padà.

Wọ́n á ní kó gba 51 kó lè jẹ́ ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká wo ilé-iṣẹ́ Faransé tí gbogbo wa mọ̀, Dánónù, onímílíìkì. Ní 1996 ó wọ ilé-iṣẹ́ àjọdá pẹ̀lú Wàháhà ní Ṣáínà, lẹ́yìn náà ó wá di ẹni tó ní 51 nínú 100. Àdéhùn ni pé orúkọ Wàháhà máa di ti ilé-iṣẹ́ àjọdá. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó orúkọ ọjà ní Ṣáínà kò fọwọ́ sí i, wọ́n sì wá fi lísáǹsì rọ́pò rẹ̀. Olùdásílẹ̀ Wàháhà ló ń darí iṣẹ́ lójoojúmọ́, òun làwọn oníbàárà mọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tó wà lóde àjọdá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọjà kan náà pẹ̀lú orúkọ kan náà. Ní 2007 ìjà bọ́ sí gbangba, ẹjọ́ pọ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ní 2009 Dánónù ta ìpín rẹ̀ fún Wàháhà, ó sì jáde. Ẹni tó ní 51 ló jáde o! Bí Dánónù, pẹ̀lú gbogbo lọ́yà rẹ̀, kò bá lè fi 51 di ilé-iṣẹ́ mú, kí ni ìyá Àjàṣẹ́ fẹ́ fi 40 ṣe?

Tí mo bá ní kí n kọ ràpọ́ọ̀ náà fún ìyá wa, ìwé orúkọ ní Àbújá ni màá fi síwájú. Lẹ́yìn náà, kó kó ọjà ránṣẹ́ fún ọdún kan péré, owó sẹ́fà, kékeré-kékeré, kí ó fi mọ ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀ lásìkò. Ẹni yẹn ni kí ó fún ní lísáǹsì, fún ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú étíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ara rẹ̀ àti iye owó tí ẹni náà gbọ́dọ̀ san lọ́dún bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà kò tà. Ti àjọdá, màá dúró dìgbà tí ìyá wa bá ti ní ọmọ tàbí ẹni tó fọkàn tán tó lè lọ gbé ní Èkó, tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí 16 mílíọ̀nù náà dúró sí Àjàṣẹ́, kó fi ra ẹ̀rọ kejì.

Àwọn tíṣà yunifásítì lè máà fẹ́ràn ràpọ́ọ̀ tó sọ ìpinnu báyìí, nítorí wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ojú ewé kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà kọjá ní Ìlárá, ní Ìgólò tàbí ní Sẹ̀mẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí: náírà ni ẹ fi ń ṣe àdéhùn ni àbí sẹ́fà, ta ló sì ni nọ́ńbà Náfídáàkì tó wà lára ọjà yín?