Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ owó kéékèèké tí báńkì ń yọ nínú àkáǹtì yín

Ọ̀rọ̀ owó kéékèèké tí àwọn báńkì ń yọ nínú àkáǹtì oníbàárà kì í tètè hàn síni, nítorí pé náírà 6 tàbí náírà 50 kì í dun èèyàn títí kó lọ jà sí i. Àmọ́ àwọn owó wọ̀nyí kò rújú bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa àti òfin owó-orí ti fi iye sí ìkọ̀ọ̀kan wọn, ẹni tó bá sì mọ iye náà yóò mọ ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́ kọjá bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta gàrí ní Ùsò, nìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, ṣe àpẹẹrẹ. Àkáǹtì ìfowópamọ́ ló ní. Láàárín oṣù kan, àwọn oníbàárà sanwó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, òun náà sì fi náírà 30,000 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí àwọn àgbẹ̀ tó ń bá a ṣe gàrí ní Ìfọ́n. Èló ló yẹ kí báńkì yọ?

Àkọ́kọ́ ni owó àlàátì. Láti oṣù karùn-ún, ọdún 2025, náírà 6 ni wọ́n ń gbà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ náírà 4 tẹ́lẹ̀. Àlàátì 20 ni ìyá yìí gbà, èyí tó jẹ́ náírà 120. Bí a bá fi owó-orí ọjà tí ìjọba ń gbà, ìyẹn náírà 7.50 lórí náírà 100, kún un, ó di náírà 129.

Ìkejì ni owó ìfowóránṣẹ́. Lábẹ́ ìlànà tí báńkì àpapọ̀ gbé jáde fún ọdún 2020, náírà 10 ni wọ́n ń gbà bí owó náà kò bá ju 5,000 lọ; náírà 25 ni títí dé 50,000; náírà 50 sì ni bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Náírà 30,000 bọ́ sí ti náírà 25, owó-orí ọjà sì sọ ọ́ di náírà 26.88.

Ìkẹta ni owó òǹtẹ̀, náírà 50, lórí owó tó bá tó 10,000 sókè. Ibí yìí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ là lójú sí. Kí ọdún 2026 tó dé, ẹni tó gba owó ni wọ́n ń yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2026, gbé e lé ẹni tó fi owó ránṣẹ́ lórí, ó sì yọ owó oṣù òṣìṣẹ́ sílẹ̀, àti owó tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ara rẹ̀ mìíràn nínú báńkì kan náà. Nítorí náà, ìfowóránṣẹ́ ìyá yìí kọ̀ọ̀kan jẹ́ náírà 76.88, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di 307.52. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n yọ owó òǹtẹ̀ kankan lórí owó tí àwọn oníbàárà san fún un.

Ìkẹrin ni owó ìtọ́jú káàdì ìgbowó. Lórí àkáǹtì ìfowópamọ́, náírà 50 ni lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, tàbí 53.75 pẹ̀lú owó-orí. Bó bá bọ́ sínú oṣù tí à ń sọ yìí, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ náírà 490.27.

Láti mọ̀ bóyá báńkì yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ béèrè fún sitéètímẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta. Ẹ wá ibi tí wọ́n bá kọ "SMS", "Card Maintenance", "Stamp Duty" àti "VAT" sí. Bí owó káàdì bá jáde lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta náà, ó ní láti ní àlàyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Account Maintenance": àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì ló wà fún, kì í ṣe ti ìfowópamọ́. Ní ti àlàátì, ẹ ka èyí tó wọ fóònù yín, kẹ́ ẹ sì fi 6 lu iye rẹ̀. Àmọ́ ẹ má tètè pariwo bó bá pọ̀ lójijì. Bí àkáǹtì bá ti gbẹ fún oṣù mélòó kan, gbèsè ni báńkì ń kọ sílẹ̀, yóò sì yọ ọ́ pọ̀ lọ́jọ́ tí owó bá wọlé.

Bí ìṣirò kò bá bá ara mu, ẹ kọ ìwé sí báńkì yín, kẹ́ ẹ tọ́ka sí ọjọ́ àti iye owó, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí àtúnṣe, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní báńkì àpapọ̀, ní cpd@cbn.gov.ng. Láìsí sitéètímẹ́ǹtì àti nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́, ẹjọ́ ẹnu lásán ni.