Ìkíni Ọdún Tí A Dà Kọ

Bí Iléyá bá ti dé, àdàkọ ìkíni kan náà ni í lọ yí ká láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá. "Forwarded many times" tí fóònù kọ sórí rẹ̀ ti tú u fó. Èyí tó burú jù ni pé aáfà àgbà pàápàá di "ìwọ àti ẹbí rẹ" nínú rẹ̀.

Gbólóhùn kan péré ni a gbà wá pé àwọn Sàhábà fi ń kí ara wọn. Kí ọ̀dọ́ mú un, kí ó pa ìyókù rẹ́, kí ó kọ sí aáfà rẹ̀ ní Ìgàndó pé: "Ẹ kú ọdún, Aáfà wa. Kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ àwa àti ẹ̀yin. Mo ti há Súúrà Yásíìn tí ẹ kọ́ mi. Ṣé ẹsẹ̀ tí ń dùn yín ti san?" Ìbéèrè yẹn kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.